Mímú Agbaṣẹ́ṣe Dé Orí Ilẹ̀ ní Agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde: Ìjúwe Ọ̀nà, Aago àti Nọ́ńbà Fóònù

Agbaṣẹ́ṣe tó fẹ́ bu owó lé iṣẹ́ ilé kò lè ti inú fọ́tò bù ú. Ó ní láti dúró lórí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kó wo ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀, kó gbẹ́ ihò kékeré kan kó lè mọ irú erùpẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, kó wo ibi tí omi òjò ń gbà kọjá, kó sì béèrè ibi tí wọn yóò ti máa pọn omi fún iṣẹ́. Àwọn èèyàn mọ èyí. Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé kò kà sí ni pé ọ̀nà tí agbaṣẹ́ṣe gbà dé ibẹ̀ wà lára ohun tó wá wò. Ní àyíká Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ilé tuntun ti ń wọ inú oko láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ ìlú, iye owó iṣẹ́ lè yí padà nítorí ọ̀nà nìkan, kódà bí ilẹ̀ náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìdí nìyẹn tí orí yìí fi dá lé ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń ṣáájú ìbẹ̀wò.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ yanrìn yóò gbà

Ẹni tó bá ń júwe ọ̀nà sáábà máa ń júwe èyí tó yá jù lọ. Bí àlejò ẹbí ló ń bọ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ni, ọ̀nà tí típà yóò gbà ni kí ẹ júwe fún un, ì báà tiẹ̀ jìn jù.

Ẹnì kan tí mo mọ̀ ní ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú, ní apá ibi tí oko ṣì pọ̀ jù ilé lọ. Èkó ni òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe dé títì, ọmọ àdúgbò kan tó ń gun ọ̀kadà ló ṣáájú rẹ̀. Ọlọ́kadà náà gba ọ̀nà àbùjá tó mọ̀, ìyẹn ọ̀nà oko tó kọjá lórí omi kékeré kan tí wọ́n fi pákó dábùú. Ọkọ̀ agbaṣẹ́ṣe kéré, ó kọjá láìsí wàhálà. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó fẹ́ràn erùpẹ̀ rẹ̀, ó bu owó, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tí típà àkọ́kọ́ dé ibi pákó yẹn pẹ̀lú yanrìn, awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó wo pákó, ó ní òun kò gbà á. Ó da yanrìn sílẹ̀ sí etí títì. Láti ọjọ́ náà, bárò ni wọ́n fi ń kó yanrìn, òkúta àti búlọ́ọ̀kù wọlé. Ta ni yóò san owó àwọn alábàárò? Onílé ní iye tí àwọn ti fọwọ́ sí ló wà. Agbaṣẹ́ṣe ní ọ̀nà tí wọ́n mú òun gbà ni òun fi bu owó. Àwọn méjèèjì ló ní ẹjọ́ í rò. Ọ̀nà mìíràn wà tí típà lè gbà, ó yí ká gba ẹ̀yìn ilé ìwé kan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á títí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe agbaṣẹ́ṣe, ẹ kọ́kọ́ pe awakọ̀ típà kan tàbí ẹni tó ń ta búlọ́ọ̀kù ládùúgbò, kí ẹ bi í pé: «Bí mo bá ra yanrìn 20 tọ́ọ̀nù, ibo lẹ máa gbà gbé e dé ilẹ̀ mi?» Ohun tó bá sọ ni ẹ óò júwe. Típà fẹ̀ tó mítà 2 àti ààbọ̀, kì í sì í ṣe fífẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń fa ìṣòro. Ibi tí yóò ti yí orí padà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wáyà iná tó rọ̀ sílẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé nígbà tí típà bá gbé ẹ̀yìn sókè láti da ẹrù, gíga rẹ̀ kì í ṣe ti ìgbà tó ń rìn mọ́. Ẹ jẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe fojú ara rẹ̀ rí gbogbo èyí lójú ọ̀nà.

Àsìkò ọdún náà ní tirẹ̀ láti sọ. Ilẹ̀ pupa Ìjẹ̀bú le bí àpáta ní oṣù kìíní, ọkọ̀ èyíkéyìí á gba orí rẹ̀ kọjá. Ní oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án, tí òjò bá ti fi ọjọ́ bíi mélòó kan rọ̀ léra wọn, ibi kan náà lè di ẹrẹ̀ tí táyà ń rì sí. Bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ bá mú agbaṣẹ́ṣe lọ, ẹ fi ibi tí omi máa ń dúró sí hàn án, kí ẹ sì jẹ́ kí aládùúgbò kan tó ti gbé ibẹ̀ lójú òjò sọ ọ́ fún un lẹ́nu ara rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó mọ iṣẹ́ yóò béèrè lọ́wọ́ ẹni náà pé ibo ni ẹrẹ̀ ń dé lára ẹsẹ̀ rẹ̀.

Orúkọ ibì kan lè jẹ́ ti ibi méjì

Àtàn wà ní Ìjẹ̀bú, òun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìlà Oòrùn Ìjẹ̀bú. Àtàn mìíràn wà lẹ́bàá Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà. Bí ẹ bá sọ fún agbaṣẹ́ṣe tó ń gbé Èkó pé «ilẹ̀ mi wà ní Àtàn, ìpínlẹ̀ Ògùn», ti Ọ̀tà ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, nítorí pé ó sún mọ́ ọn, iṣẹ́ ilé sì pọ̀ níbẹ̀. Ó lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́nà Sángo kí ẹ tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọbaléńdé: àdúgbò kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, gbogbo ayé sì mọ Ọbaléńdé ti Èkó. Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀ kò tó láti fi júwe ìlú, nítorí Ìjẹ̀bú-Òde wà, Ìjẹ̀bú-Igbó wà, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wà, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà sì wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ lè da Ìmòwò, Ìmọ̀dì àti Ìmọ̀pè pọ̀ lórí fóònù tí ohùn kò já gaara.

Ẹ so orúkọ ibi náà mọ́ ìlú ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. «Àtàn-Ìjẹ̀bú, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde, kì í ṣe Àtàn Ọ̀tà.» Ẹ má ṣe bẹ̀rù pé ó gùn jù. Gbólóhùn tó sọ ibi tí ilẹ̀ kò sí wúlò bí èyí tó sọ ibi tó wà.

Ibi tí ìjúwe ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀

Ẹ má wulẹ̀ kọ́ agbaṣẹ́ṣe bí yóò ṣe kúrò ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Ó mọ ọ̀nà tirẹ̀, ó sì mọ ibi tí ọkọ̀ ń dí. Ohun tó yẹ kí ẹ bi í ni ọ̀nà tí yóò gbà wọ Ìjẹ̀bú-Òde, torí ó ní ju ọ̀kan lọ. Ẹni tó gba Ṣàgámù yóò wá lórí ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin, láti ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó gba Ẹ̀pẹ́ yóò ti ìsàlẹ̀ wá lórí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tí Ààrẹ Buhari wá ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2022 lẹ́yìn tí ìjọba ìpínlẹ̀ tún un ṣe. Ẹni tó ti Ìbàdàn wá yóò sọ̀kalẹ̀ láti òkè. «Ẹ yà sí ọwọ́ òsì» kì í ṣe ibì kan náà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ yan ibì kan tí gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí lè dé, kó jẹ́ ibi tí kò ní ṣòroó rí, tí ọkọ̀ sì lè dúró láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ilé epo ńlá ló dára jù. Ẹ pè é ní ibi ìpàdé, kí ìjúwe yín bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀: ẹ̀yin àti agbaṣẹ́ṣe tí ẹ kò tíì mọra rí yóò pàdé níta gbangba, lójú èèyàn, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀lé ẹnikẹ́ni wọ inú oko. Bí ọ̀nà márosẹ̀ bá wà nínú ìrìn náà, ẹ sọ apá tí ilé epo náà wà: «lápá àwọn tó ń lọ sí Benin». Ẹni tó bá kọjá ìyànà lórí ọ̀nà márosẹ̀ ní láti rìn jìnnà kó tó rí ibi tí yóò ti yí padà, àwọn kan sì máa ń tìtorí èyí wa ọkọ̀ lòdì sí àwọn tó ń bọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìjúwe yín sún ẹnikẹ́ni dé bẹ́ẹ̀.

Láti ibi ìpàdé dé orí ilẹ̀, ohun tí kò lè ṣí kúrò ni kí ẹ fi ṣe àmì: ilé ìwé, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì tó ti pẹ́, tiransifọ́mà, ọ̀pó nẹ́tíwọọ̀kì tó ga. Ìyá alákàrà kì í sí níjokòó lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án. Ilé aláwọ̀ ewé lè ti di aláwọ̀ funfun látìgbà tí ẹ ti lọ gbẹ̀yìn. Igi máńgòrò tí gbogbo àdúgbò mọ̀ lè ti di pákó.

«Kò jìnnà» kì í ṣe ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó ní ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà wo kìlómítà tó wà nínú rẹ̀ láti ibi ìpàdé dé ìyànà kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ ọ́. Tí agbaṣẹ́ṣe bá mọ̀ pé ìyànà náà yóò dé ní kìlómítà 1 àti díẹ̀, kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ rìn ní gbogbo ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àmì ẹni tó ti ṣìnà kún un: «Tí ẹ bá rí afárá, ẹ ti kọjá, ẹ yí padà.» Gbólóhùn kan yìí lè gbà yín lọ́wọ́ ìpè mẹ́ta.

Àwòrán ilẹ̀ orí fóònù

Lónìí, kò sí agbaṣẹ́ṣe tí kò ní béèrè pé kí ẹ fi ibi tí ilẹ̀ wà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó dára, ṣùgbọ́n ohun tí fóònù ń fi ránṣẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ `Send your current location` ni ibi tí fóònù náà wà ní ìṣẹ́jú yẹn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, Lọ́ńdọ̀nù ni agbaṣẹ́ṣe yóò rí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nínú ilé yín ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹnu ọ̀nà ilé yín ni yóò dúró sí. Ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, kó dúró níta, kó má ṣe wà lábẹ́ òrùlé tàbí igi tó ṣú. Fóònù máa ń kọ iye mítà tó lè fi ṣàṣìṣe sí abẹ́ rẹ̀. Kó ní sùúrù títí nọ́ńbà yẹn yóò fi wálẹ̀. Mítà 8 dára. Mítà 200 kò dára, torí ilẹ̀ onípúlọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, kò ju nǹkan bíi mítà 18 sí 37 lọ.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí agbaṣẹ́ṣe, ẹ ṣí i fúnra yín, kí ẹ sì wo nọ́ńbà méjì tó ń bá a rìn. Ní àyíká Ìjẹ̀bú-Òde, ti àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6.8, èkejì á wà ní 3.9 tàbí kó lé díẹ̀. Bí èkejì bá jẹ́ 3.1 tàbí 3.2, apá Ọ̀tà lẹ wà.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn tó kàwé pàápàá ń ṣe. Wọ́n á ya nọ́ńbà inú ìwé sọ́fè kọ sínú fóònù. Nọ́ńbà àwọn sọ́fíyọ̀ lórí pílánù ilẹ̀ wa sábà máa ń jẹ́ mítà, ó sì ń bá ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Minna rìn. Fóònù kò lo ìwọ̀n yẹn. Kódà bí ẹ bá rí ohun èlò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó lè yí i padà, bí kò bá ṣí láti orí Minna dáadáa, yóò gbé yín sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ fi pílánù ránṣẹ́ lọ́tọ̀ kí agbaṣẹ́ṣe lè bá nọ́ńbà orí bíkìnì mu nígbà tó bá dé, kí ẹ sì fi ibi tí fóònù dúró sí ránṣẹ́ fún ìrìn.

Nẹ́tíwọọ̀kì sì lè pòórá ní kìlómítà tó kẹ́yìn, níbi tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Nítorí náà ìjúwe alákọsílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kù. Agbaṣẹ́ṣe lè kà á bí fóònù rẹ̀ ò bá tiẹ̀ gbé nẹ́tíwọọ̀kì.

Aago

«Ní àárọ̀» kò tó. Ẹ mú aago kan, kí ẹ sì fi ààyè kékeré sí i: «aago 10, ó pẹ́ jù aago 10 àbọ̀». Aago 10 ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń ti Èkó bọ̀. Ìrì ti gbẹ lórí koríko, oòrùn ti ga tó láti rí ìsàlẹ̀ ihò tí wọ́n bá gbẹ́, òjò ńlá sì máa ń bọ́ sí ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìbẹ̀wò tó pé yóò gbà tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Agbaṣẹ́ṣe yóò ti kúrò kí aago 12 tó lù, yóò sì lè padà sílé lójú mọ́mọ́.

Ẹ bá a ka aago sẹ́yìn. Bí ọ̀nà bá dá, wákàtí méjì lè gbé e láti Ìkẹjà dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kì í fìgbà gbogbo dá, nítorí náà kó kúrò nílé ní aago 7 ó pẹ́ tán. Bó bá ní aago 9 ni òun yóò gbéra, ẹ má ṣe jiyàn, ẹ sún ìpàdé sí aago 12, kí ẹ̀yin àti ẹni tó ń dúró má bàa ṣòfò.

Ọjọ́ tún wà tí ọ̀nà fúnra rẹ̀ ń kọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn ọmọ ìjọ Ìràpadà máa ń rọ́ lọ sí ibùdó wọn lórí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn fún ìsìn òru, wọ́n sì ń padà ní òwúrọ̀ Sátidé. Ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ wá sí Ṣàgámù gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ yan ọjọ́ mìíràn, tàbí kó gba Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ Ẹtì èyíkéyìí tún ní ti Jímọ̀ nínú: bí agbaṣẹ́ṣe bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ rò ó mọ́ aago tí yóò fi kúrò. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà nílé àti lẹ́yìn odi ló ń wálé, ọ̀nà tó lọ sí ààfin Awùjalẹ̀ á kún fún ẹṣin àti régbérégbé. Kò sẹ́ni tó lè bá yín sọ ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ ilé lọ́jọ́ náà. Ní àkókò Agẹmọ, ẹ béèrè ọjọ́ àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò kí ẹ tó dá ọjọ́, pàápàá bí obìnrin bá wà lára àwọn tó ń bọ̀, nítorí obìnrin kì í rí Agẹmọ.

Fún àwọn tó ń ti òkè òkun tẹ̀ lé iṣẹ́, ẹ kọ «aago Nàìjíríà» sí ẹ̀gbẹ́ aago náà. Aago Nàìjíríà kì í yí láàárín ọdún, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ń yí. Láti òpin oṣù kẹta sí òpin oṣù kẹwàá, aago 10 ní Ìjẹ̀bú-Òde ni aago 10 ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà òtútù, aago 9 ni níbẹ̀. Ní Houston, aago 4 ìdájí ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago 3 sì ni nígbà òtútù. Ẹni tó bá ń sùn ní wákàtí yẹn kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí agbaṣẹ́ṣe yóò máa pè láti béèrè ọ̀nà.

Nọ́ńbà tí yóò pè

Nọ́ńbà tó yẹ kó wà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe lọ́jọ́ náà ni ti ẹni tó dúró lórí ilẹ̀. Bí nọ́ńbà onílé nìkan ló ní, tí onílé sì wà ní Èkó, yóò pe Èkó, Èkó yóò pe Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀bú yóò dá Èkó lóhùn, nígbà tí ìdáhùn bá sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lórí ọkọ̀, ó ti kọjá ìyànà.

Ẹ fún un ní nọ́ńbà méjì, kí wọ́n má ṣe jẹ́ ti nẹ́tíwọọ̀kì kan náà. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ pe méjèèjì nígbà tí ẹni náà wà lórí ilẹ̀, kì í ṣe nígbà tó wà nínú ìlú. Bí ìpè kò bá wọlé lórí ilẹ̀, kó lọ dúró ní ibi ìpàdé láti aago 9 àbọ̀ títí àlejò yóò fi dé. Nọ́ńbà wa jẹ́ mọ́kànlá. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ tán, torí mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń kánjú. Bí ẹ bá ń ti òkè òkun pè, ẹ yọ òdo iwájú kí ẹ tó fi +234 sí i.

Ẹni tó ń dúró náà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́, kó lè mọ̀ ọ́n bí ìpè bá wọlé. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í gbé ìpè tí wọn kò mọ̀, wọn kò sì jẹ̀bi. Ẹ rán káàdì sí i, kí ẹ sì rí i pé fóònù rẹ̀ gba iná sára láti alẹ́. Ẹ sọ fún un kedere ohun tó lè bá àlejò sọ: ọ̀nà, omi, ibi bíkìnì, ibi tí omi òjò ń dúró sí. Ọ̀rọ̀ owó kò sí lára rẹ̀. Bí ìdílé tó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá ṣì wà nítòsí, ẹ ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú pé àlejò ń bọ̀, kí ọ̀dọ́ kankan má bàa dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan láti òkè délẹ̀

Ká ní agbaṣẹ́ṣe ń ti Ìkẹjà bọ̀, ilẹ̀ sì wà ní Àtàn-Ìjẹ̀bú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ fi èyí ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Àwòṣe ni nọ́ńbà àti àmì inú rẹ̀.

«Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo pè yín nítorí ilẹ̀ Àtàn. Àtàn-Ìjẹ̀bú ni, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde, kì í ṣe ti Ọ̀tà. Ìpàdé wa ni Ọjọ́rú, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, aago 10 àárọ̀, ó pẹ́ jù aago 10 àbọ̀. Ibi ìpàdé: ilé epo tó wà lẹ́nu ọ̀nà Àtàn, lápá ọ̀tún yín bí ẹ bá ń ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀. Bàbá Ọlọ́dẹ yóò dúró níbẹ̀, ó máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù. Nọ́ńbà rẹ̀: 0800 000 0000. Bí kò bá wọlé, ẹ pe 0800 000 0001. Láti ilé epo, ẹ rìn kìlómítà 1.4, ẹ yà sí ọ̀tún lẹ́yìn tiransifọ́mà, ẹ gba ẹ̀yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí típà ń gbà nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ọ̀nà àbùjá bí ọlọ́kadà bá tiẹ̀ ní ó yá jù. Tí ẹ bá rí afárá, ẹ ti kọjá. Ilẹ̀ wà ní òsì, mítà bíi 300 sí ilé ìwé, a ti ṣán an, bíkìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn. Ọkọ́ àti ṣọ́bìrì wà níbẹ̀. Ẹ sọ irú ọkọ̀ tí ẹ máa gbé àti iye èèyàn tó ń bá yín bọ̀. Bí òjò bá rọ̀ láti òru mọ́jú, ẹ pè mí ní aago 6 kí ẹ tó gbéra.»

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi pílánù ilẹ̀, àwòrán ilé àti ibi tí fóònù dúró sí ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe gbé e sínú ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí, torí nọ́ńbà àti ibi tí ilẹ̀ tó ṣófo wà kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé nílò.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ pè é. Ìdáhùn tí ẹ ń wá kì í ṣe «kò sí wàhálà», torí gbogbo èèyàn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kó sọ aago tí yóò kúrò nílé àti ọ̀nà tí yóò gbà. Bí kò bá lè sọ méjèèjì, kò tíì pinnu àtibọ̀, ẹ sì lè sọ fún Bàbá Ọlọ́dẹ kó má tètè jáde.

Lọ́jọ́ náà, kí ó pè nígbà tó bá dé Ṣàgámù. Láti ibẹ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde kì í tó wákàtí kan bí ọ̀nà bá dá, ẹni tó ń dúró yóò sì mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ sí ilé epo. Bí aago 11 bá lù tí ìpè kankan kò dé, kí ẹni tó ń dúró pe agbaṣẹ́ṣe lẹ́ẹ̀kan, kó pe onílé, kó sì máa lọ sílé. Ẹ dá ọjọ́ mìíràn.

Tí ìbẹ̀wò bá parí, ẹ ránṣẹ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà láti dúpẹ́, kí ẹ sì béèrè pé kó kọ ọ́ sínú ìwé owó rẹ̀ pé ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìwé ni òun rí, pé típà 20 tọ́ọ̀nù lè dé orí ilẹ̀ lójú ẹ̀ẹ̀rùn àti lójú òjò, tàbí pé kò lè dé, kó sì sọ ẹni tí yóò san owó alábàárò bí kò bá lè dé. Bí ìwé owó bá dé tí kò sọ ohunkóhun nípa ọ̀nà, ẹ dá a padà fún un kó fi kún un kí ẹ tó fọwọ́ sí i.